Màmá mi, èrè 40% kò lè dí àdánù 40%

Màmá mi,

Ẹ kú àfaradà o. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn yín lórí fóònù lálẹ́ àná, mo ti mọ̀ pé oorun ò kùn yín láti ọjọ́ tí ìwé àkáǹtì ìdókòwò yín ti dé. 100,000 ni ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, 60,000 ni ẹ bá. Ẹ wá ní, “Ṣebí 40% ló lọ? Tí ọjà bá ti gbé 40% padà wá, ṣé ọ̀rọ̀ ò ti parí nìyẹn?” Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, torí pé lórí ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ohun tó kù tí a máa ṣe dúró lé.

Kò ní tíì parí, Mà. Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún 60,000 jẹ́ 24,000. Ẹ fi 24,000 yẹn kún 60,000, 84,000 ni yóò fún yín. Ọjà ti gbé 40% tí ẹ ń retí wá, síbẹ̀ 16,000 ṣì kù kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti kúrò.

Ohun tó fà á ni pé 40% tó lọ, ara 100,000 la ti gé e. 40% tó ń bọ̀, ara 60,000 ni yóò ti hù. Ìlàjì korobá ńlá àti ìlàjì ife, ìlàjì ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, àmọ́ omi inú wọn ò dọ́gba. 40,000 lẹ fẹ́ gbà padà, 60,000 péré ni yóò sì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá pín 40,000 sí 60,000, ẹ ó rí i pé èrè 66.7% lẹ nílò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti àdánù èyíkéyìí, ẹ pín iye tó wà tẹ́lẹ̀ sí iye tó ṣẹ́ kù, kí ẹ wá yọ 1 kúrò:

```
100,000 ÷ 60,000 = 1.667
1.667 − 1 = 0.667 = 66.7%
```

Ẹ wò ó bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń le sí i. Ẹni tó pàdánù 10%, èrè 11% àti díẹ̀ ti tó o. Kò yàtọ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi fura. Ẹni tó pàdánù 20% nílò 25%. Tó bá dé 50%, owó tó ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì, ìyẹn èrè 100%. Tó bá dé 80%, 400% ni. Tó bá wá jẹ́ 90%, 900% ni. Láti orí 80% sí 90%, ẹ lè rò pé 10% péré ló tún lé, àmọ́ 500% ló fi kún ìrìn àbọ̀. Ìdí rèé tí àwa tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí ìdókòwò fi ń bẹ̀rù àdánù ńlá kan ju àdánù kéékèèké mélòó kan lọ.

Kì í ṣe orí ìwé nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Láàárín oṣù kẹwàá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2009, S&P 500, tí wọ́n fi ń wọn ipò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, já wálẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 57%. Èrè tó nílò láti padà jẹ́ nǹkan bí 131%, oṣù kẹta ọdún 2013 ló sì tó débẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, Nasdaq, òṣùwọ̀n mìíràn tó kún fún àwọn ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, já láti 5,048 ní oṣù kẹta ọdún 2000 sí 1,114 ní oṣù kẹwàá ọdún 2002. Nǹkan bí 78% nìyẹn, èyí tó nílò ju 350% lọ kó tó bọ̀ sípò. Ọdún 2015 ló tó kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rí i pé 57% àti 78% ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn létí ẹni tó ń gbọ́ ọ, àmọ́ láti ìsàlẹ̀ padà sókè, ọdún mẹ́rin ni ọ̀kan lò, èkejì lò ju ọdún méjìlá lọ. Kí n fi òótọ́ kan kún un: iye wọ̀nyí ò ka èrè ọdọọdún tí àwọn ilé iṣẹ́ ń pín fún àwọn onípìn-ín. Ẹni tó ń gba èrè yẹn, tó sì ń fi ra ìpín sí i, á tètè bọ̀ sípò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní tiyín wàyí. Mo tú ìwé àkáǹtì yín palẹ̀ láàárọ̀ yìí, ohun tí mo rí níbẹ̀ ṣe pàtàkì ju 40% tó ń dẹ́rù bà yín lọ. Owó yín kò wà lójú kan. 50,000 wà nínú àpò ìdókòwò alájùmọ̀ní, èyí tó kó ìpín ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ jọ. Ó ti di 42,000. 50,000 yòókù wà nínú ìpín ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ ti ń kó pa mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló di 18,000. Àkọ́kọ́ já pẹ̀lú 16%, ó sì nílò èrè 19% péré. Èkejì já pẹ̀lú 64%, ó sì nílò nǹkan bí 178%. Tí a bá da àwọn méjèèjì pọ̀, tí a pè é ní 40%, ńṣe la bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Apá kan owó yín gbọgbẹ́ díẹ̀. Apá kejì ló ṣẹ́ léegun.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ilé iṣẹ́ yẹn. Ẹ sọ fún mi pé tó bá ti padà sí iye tí ẹ rà á, lẹ ó tà á. Ohun tí ẹ ń retí yẹn ni kí ìpín kan ṣoṣo di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta dín díẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ àpapọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé iṣẹ́ yàtọ̀ sí ilé iṣẹ́ kan: nínú àpapọ̀, bí ọ̀kan bá kógbá wọlé, òmíràn á dìde, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá kógbá wọlé, àdánù 100% ni, kò sì sí èrè kankan lábẹ́ ọ̀run tó ń gbé òdo dìde. Ọjà ò mọ iye tí ẹ rà á. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín ni pé: ká ní 18,000 owó gidi ló wà lọ́wọ́ yín láàárọ̀ yìí, ṣé ìpín yìí lẹ máa fi gbogbo rẹ̀ rà? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ rárá, a jẹ́ pé kò sí ìdí tó fi yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹni tí ò tíì tà ò tíì pàdánù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Ẹ tà á o, ẹ ò tà á o, 178% yẹn kò yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí ẹ ò bi mí, òun gan-an ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ẹ máa ń yọ 5,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ní owó tó kù yóò máa pa 8% lọ́dún. Mi ò ṣèlérí rẹ̀, ká kàn lè fi ṣírò ni. Nígbà tí 100,000 wà níbẹ̀, ẹ yọ 5,000, ó ku 95,000, èrè 8% sì sọ ọ́ di 102,600 kí ọdún tó parí. Ẹ ń jẹ, ó ń dàgbà. Nísinsìnyí, ẹ yọ 5,000 kan náà nínú 60,000, ó ku 55,000. 8% kan náà sọ ọ́ di 59,400. Lọ́dún kejì, 58,752. Lọ́dún kẹta, nǹkan bí 58,050. Ọjà ń pa èrè lọ́dọọdún, síbẹ̀ owó yín ń rù. Bí a bá ń bá a lọ báyìí, kì í ṣe pé ìrìn àbọ̀ yóò pẹ́, kò ní sí ìrìn àbọ̀ rárá.

Ẹ fi wé ìgbà tí ẹ kò bá yọ nǹkan kan. Lórí 8% yẹn, 60,000 yóò padà di 100,000 láàárín ọdún mẹ́fà sí méje. Ká ní 20% lẹ pàdánù ni, kò ní tó ọdún mẹ́ta. Àdánù di ìlọ́po méjì, àmọ́ ìdúró ju ìlọ́po méjì lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè ṣàìyọ ohunkóhun fún ọdún mẹ́fà, mi ò sì ní sọ pé kí ẹ febi panú. Tí ẹ bá lè dín in kù sí 2,500, 57,500 ni yóò kù, 8% yóò sì sọ ọ́ di 62,100. Ó ti yí ojú padà sókè nìyẹn. Owó ìfipamọ́ yín tó wà ní báńkì lè gbé 2,500 tó kù fún ọdún méjì àkọ́kọ́.

Ní ti ẹni tó ní kí ẹ gbé gbogbo 60,000 wá síbi tí yóò ti di ìlọ́po méjì kíákíá, mo bẹ̀ yín, Mà, ẹ má dá a lóhùn. Ohun tó lè di ìlọ́po méjì kíákíá lè di ìlàjì kíákíá. Bó bá di 30,000, 233% lẹ ó nílò láti padà sí 100,000. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbé àkáǹtì yín wá, mo sọ pé ìdajì owó pọ̀ jù fún ilé iṣẹ́ kan. Ẹ ní rárá, mo sì dákẹ́. Ó yẹ kí n ti kọ irú lẹ́tà yìí sí yín nígbà náà, kí n fi 178% yìí hàn yín kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má bínú.

Ohun tí mo dábàá ni pé ká ta ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpín ilé iṣẹ́ yẹn, nǹkan bí 12,000, ká gbé e sínú àpò alájùmọ̀ní. 6,000 yóò kù fún ìfẹ́ tí ẹ ní sí i. Bí ìyẹn bá tiẹ̀ run pátápátá, 54,000 ni yóò kù, èrè 11% àti díẹ̀ yóò sì dá a padà sí 60,000. Mi ò ní tà á láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Mo ti fi àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ mú ìwé báńkì tó ń fi owó ìfipamọ́ yín hàn dání, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ ń ná lóṣù sí bébà kan kí ẹ tó máa bọ̀, kí a lè mọ̀ bóyá 2,500 yẹn á gbà yín.

Èmi ni tiyín,
Agbaninímọ̀ràn yín