Ibi tí wákàtí ófátáìmù ń gbà kó tó di owó

Alẹ́ ni iṣẹ́ ilé búrẹ́dì. Búrẹ́dì tí wọ́n máa tà ní Ìgbọ̀nà àti Òkè-Fìà l'Óṣogbo ní òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò nínú ààrò kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun á wọlé iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, á sì jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èyí nìkan ti tó láti da ìṣirò owó oṣù rú. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé wákàtí ófátáìmù irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti inú ìwé wíwọlé-jíjáde títí dé ibi tó ti di owó, nítorí pé òun ni gbogbo ìṣòro inú ìwé owó oṣù máa ń dúró dè lọ́nà.

Òṣìṣẹ́ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ń gba ₦124,800 lóṣù: owó ìpìlẹ̀ ₦62,400, owó ilé ₦31,200, owó ọkọ̀ ₦20,800 àti owó oúnjẹ ₦10,400. Àdéhùn rẹ̀ ni wákàtí 48 lọ́sẹ̀, alẹ́ mẹ́fà, láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí, tí wákàtí kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìsinmi. Ìsinmi yẹn kì í ṣe ojú rere: òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ló ní kí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ sinmi fún ó kéré tán wákàtí kan. Ṣùgbọ́n òfin kan náà kò dárúkọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ san fún ófátáìmù. Kò sọ ju pé wákàtí tó bá kọjá èyí tí tọ̀tún-tòsì fẹnu kò sí ni ófátáìmù. Ìlọ́po kan ààbọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní òfin, àdéhùn lásán ni, tí kò bá sì sí nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ọjọ́ tí owó bá jáde ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jà lé e lórí.

Wákàtí 48 lọ́sẹ̀, nígbà ọ̀sẹ̀ 52, tí a bá pín in sí oṣù 12, ó jẹ́ 208 lóṣù. Tí a bá fi 208 pín ₦124,800, wákàtí kan jẹ́ ₦600. Ká ní ìwé àdéhùn rẹ̀ fún un ní ìlọ́po kan ààbọ̀ fún ófátáìmù, ìyẹn ₦900, àti ìlọ́po méjì fún ọjọ́ ìsinmi, ìyẹn ₦1,200. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń lo owó ìpìlẹ̀ nìkan láti wá owó wákàtí kan, èyí tó máa ń dín in kù sí ìdajì. Kò burú tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó burú ni kí wọ́n lo tìhín ní oṣù yìí, kí wọ́n lo tọ̀hún ní oṣù tó ń bọ̀.

Ó wá ku kíka wákàtí. Nínú Excel, tí aago ìwọlé bá wà ní B2 tí aago ìjáde sì wà ní C2, téèyàn bá yọ 20:00 kúrò nínú 5:00, tó sì fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò sí rárá ló máa rí, pẹ̀lú àmì àyọkúrò níwájú rẹ̀. Ohun tó ń tún un ṣe nìyí:

```
=MOD(C2-B2,1)*24-1
```

`MOD` ló ń yí ìyókù yẹn padà sí wákàtí mẹ́sàn-án, nítorí pé Excel ka ọjọ́ kan sí 1, ó sì ka wákàtí sí ìdá kan lára ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀ kí a tó yọ wákàtí ìsinmi. Àbájáde rẹ̀ jẹ́ 8. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ. Tí òṣìṣẹ́ bá gbàgbé láti kọ aago ìjáde, C2 ṣófo, Excel á sì kà á sí ọ̀gànjọ́ òru. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí ọ̀gànjọ́ jẹ́ wákàtí mẹ́rin, tí a bá yọ ìsinmi, ó ku 3. Kò ní sí àmì àṣìṣe kankan lójú ìwé. Wákàtí márùn-ún á kàn ti rá. Ẹni tó bá rí 3 léraléra nínú òpó wákàtí, kó kọ́kọ́ lọ wo aago ìjáde. Ó tiẹ̀ sàn kí òpó náà kọ̀ láti ṣírò títí wọn yóò fi kọ ọ́:

```
=IF(C2="","?",MOD(C2-B2,1)*24-1)
```

Ohun kejì tó ń fa àṣìṣe kéré lójú. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ kì í ṣe 2.30, 2.5 ni. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tẹ 2.30, tó sì fi ₦900 sọ ọ́ di púpọ̀, á san ₦2,070 dípò ₦2,250.

Ibi tó tọ́ kí a dúró dáadáa ni èyí: ṣé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ka ófátáìmù ni, àbí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀? Ká sọ pé ní ọ̀sẹ̀ kan, òṣìṣẹ́ wa dúró di aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí pé ìyẹ̀fun kò tètè wú. Àfikún rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀. Ní alẹ́ mìíràn lọ́sẹ̀ yẹn, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ó sì lọ sílé ní aago mẹ́ta ìdájí, wákàtí méjì ṣáájú àkókò. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kà á, gbogbo wákàtí rẹ̀ jẹ́ 48.5, ófátáìmù rẹ̀ kò sì ju ìdajì wákàtí lọ: ₦450. Tó bá jẹ́ ojoojúmọ́, ófátáìmù rẹ̀ jẹ́ ₦2,250. Bí wọ́n bá tiẹ̀ yọ wákàtí méjì tí kò ṣe ní ₦600 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦1,050 ló ṣì máa kù fún un. Ìwé wíwọlé-jíjáde kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà, iye méjì. Kò sí ẹ̀rọ tó lè yan èyí tó tọ́ fún wọn. Ní tèmi o, kíkà á lójoojúmọ́ ló bá iṣẹ́ alẹ́ mu jù, nítorí iná tó lọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń po ìyẹ̀fun.

Ọjọ́ ìsinmi náà ní tirẹ̀. Ìjọba Ọ̀ṣun máa ń kéde ìsinmi ní 20 Oṣù Kẹjọ fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ètò ìṣirò tí wọ́n ṣe ní ibòmíràn kì í sì í mọ̀ ọ́n àfi tí ẹnìkan bá fi ọwọ́ fi kún àkójọ ọjọ́ ìsinmi inú rẹ̀. Ẹni tó wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún lo wákàtí mẹ́rin kí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lo márùn-ún nínú rẹ̀. Àdéhùn gbọ́dọ̀ sọ bóyá ọjọ́ ìwọlé ni wọ́n ń wò tàbí wákàtí gan-an.

Ní ìparí oṣù, ká ní òṣìṣẹ́ wa ní wákàtí ófátáìmù 16 àti wákàtí 8 ní ọjọ́ ìsinmi. Àkọ́kọ́ jẹ́ ₦14,400, èkejì ₦9,600, àròpọ̀ rẹ̀ ₦24,000. Àpapọ̀ owó rẹ̀ kí wọ́n tó yọ nǹkan kan jẹ́ ₦148,800.

Ọ̀nà wá pín sí méjì níbí. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, tó di dandan fún ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10. Iye tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé kò gbọdọ̀ dín ní owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ lápapọ̀. Fún òṣìṣẹ́ wa, ìyẹn jẹ́ ₦114,400. Owó oúnjẹ kò sí níbẹ̀, ófátáìmù kò sì sí níbẹ̀ àfi tí àdéhùn bá kà á mọ́ ọn. Nítorí náà ₦9,152 ni tirẹ̀, ₦11,440 sì ni ti agbanisíṣẹ́, bí ófátáìmù bá pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ẹni tó bá rí i pé owó ìfẹ̀yìntì ń lọ sókè-sódò lóṣooṣù nígbà tí owó oṣù kò yí padà, ó ti mọ̀ pé wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé àpapọ̀ owó.

Owó orí ní tirẹ̀ kò fi ófátáìmù sílẹ̀. Láti Oṣù Kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀: kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e. Owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ dá ń jáde kí wọ́n tó ṣírò. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó ń san fún onílé náà ń jáde, kò sì gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Owó oṣù rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦1,497,600. Yọ ₦109,824 owó ìfẹ̀yìntì. Tó bá ń san ₦150,000 fún onílé lọ́dún, yọ ₦30,000. Tí a bá yọ ₦800,000 pẹ̀lú, ₦557,776 ló kù, owó orí rẹ̀ lóṣù kan sì jẹ́ ₦6,972.20. Lẹ́yìn náà ni ófátáìmù dé: ìdá 15 lórí ₦24,000 jẹ́ ₦3,600. Àpapọ̀ owó orí oṣù yìí jẹ́ ₦10,572.20.

Ọ̀pọ̀ ètò ìṣirò kì í ṣe é báyìí. Wọ́n ń fi 12 sọ gbogbo owó oṣù náà di púpọ̀, ófátáìmù àti gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé òṣìṣẹ́ yóò máa ṣe é títí ọdún á fi parí. Fún òṣìṣẹ́ wa, iye kan náà ló máa jáde, torí pé inú ìdá 15 ló wà ní ọ̀nà méjèèjì. Ẹni tí ó ń pa lára ni ẹni tó wà létí ₦800,000. Ẹ wo agbálẹ̀ tó ń gba ₦72,000, tí owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Tí owó ìfẹ̀yìntì bá ti jáde, ₦794,880 ló kù lọ́dún. Ká ní ó ṣe ófátáìmù ₦5,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tíì dé ₦800,000, kò jẹ owó orí kankan. Ṣùgbọ́n ètò tó fi 12 sọ ₦5,000 di ₦60,000 á yọ ₦686 lọ́wọ́ rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ètò máa ro gbogbo ohun tó ti gbà láti Oṣù Kìíní mọ́ra lóṣooṣù, kó sì yọ owó orí tó ti san. Bẹ́ẹ̀, ₦686 náà á padà wá bá a kí ọdún tó parí.

Òṣìṣẹ́ wa yóò gba ₦129,075.80 sí ọwọ́. Tí a bá ro ó pọ̀ mọ́ owó orí àti ₦9,152 ìfẹ̀yìntì, ó gbọ́dọ̀ padà di ₦148,800 gẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ìlà àròpọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé rí fún gbogbo òṣìṣẹ́, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí báǹkì. Ti agbanisíṣẹ́, ₦11,440, kò sí nínú ìdọ́gba yẹn. Ẹni tó bá kó o síbẹ̀ á rò pé owó ti sọnù.

Ìfẹ̀yìntì méjèèjì, ₦20,592, gbọ́dọ̀ dé àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí owó oṣù bá ti jáde. Owó orí ń lọ sí ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e, ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló sì ń pinnu ìpínlẹ̀ tó ni ín. Dírẹ́fà tó ń gbé Ọ̀fà tó ń wá gbé búrẹ́dì l'Óṣogbo, Kwara ló ni owó orí rẹ̀. Ó yẹ kí òpó kan wà fún ìyẹn nínú ìwé owó oṣù.