Ẹ kọ ibi tí àgírímẹ́ǹtì ti sọ ọ́ fún mi

Ìbéèrè: Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti yálé. Owó ọdún kan ni mo san, oṣù keje nìyí, iṣẹ́ sì fẹ́ gbé mi lọ sí Ṣàgámù. Bàbá onílé sọ lórí fóònù pé tí mo bá kó jáde kí ọdún tó pé, owó oṣù mẹ́ta ti wọgbó, kọ́ṣọ̀n náà ti lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi báyìí ni àgírímẹ́ǹtì ti sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe máa béèrè tí kò ní dà bí ẹni tó ń wá ìjà?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wá àgírímẹ́ǹtì yín jáde ná. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ló tọwọ́ bọ̀wé lọ́dọ̀ ájẹ́ǹtì tí kò sì gba ẹ̀dà kankan. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ̀dà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè nínú lẹ́tà yín.

Kí lẹ́tà yẹn kúrú. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nípa ilé yín tí mo ń gbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ nọ́ńbà ìpínrọ̀ tó sọ nípa ẹni tó bá kó jáde kí ọdún tó pé, iye owó tó wà níbẹ̀, iye oṣù tí nótíìsì gbọ́dọ̀ jẹ́, àti ohun tó sọ nípa kọ́ṣọ̀n. Ìbéèrè lásán ni èyí o, kì í ṣe nótíìsì pé mo ń kó jáde. Ẹ ṣeun, sà.”

Gbólóhùn tó ṣáájú ìdúpẹ́ yẹn ni ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Tí ẹ bá kọ “mo fẹ́ kó jáde,” wọ́n lè ní nótíìsì ni, kí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn èèyàn wá wo yàrá.

Nọ́ńbà ìpínrọ̀ ni mo tẹnu mọ́, nítorí ohun tí mo rí rí. Onílé kan ní Rẹ́mọ dáhùn irú lẹ́tà yìí pé “ìpínrọ̀ keje.” A ṣí i: nótíìsì oṣù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sí owó ìtanràn kankan. Bàbá náà kò purọ́, wọ́n kàn ti fi nótíìsì àti owó pọ̀ mọ́ra lọ́kàn ni. Ọ̀tọ̀ sì ni “sọ fún mi ní oṣù mẹ́ta ṣáájú,” ọ̀tọ̀ ni “san owó oṣù mẹ́ta.”

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní owó ilé ọdún kan jẹ́ ₦360,000, oṣù kan jẹ́ ₦30,000. Oṣù méje ti lọ, ó ku ₦150,000 lọ́wọ́ onílé. Tí àgírímẹ́ǹtì bá sọ pé kí ẹ fún wọn ní nótíìsì oṣù mẹ́ta tàbí kí ẹ san owó rẹ̀, kí wọ́n sì dá ìyókù padà, ẹ lè kó jáde lónìí, wọ́n á yọ ₦90,000, ₦60,000 á padà sọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá fún wọn ní nótíìsì lónìí, tí ẹ sì gbé oṣù mẹ́ta yẹn, kò sí ohun tí wọ́n máa yọ fún ìtanràn. ₦60,000 ti oṣù méjì tó kù yẹn náà ló ń padà bọ̀. Kọ́ṣọ̀n kò sí nínú ìṣirò yìí o. Ó wà fún ohun tí ẹ bá bàjẹ́ tàbí gbèsè tí ẹ bá fi sílẹ̀, àfi tí ìwé bá sọ nǹkan míì.

Tí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ ohunkóhun ńkọ́? Onílé kò lè fi lẹ́tà òní dá ìtanràn tuntun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀: ọdún kan ni ẹ jọ ṣàdéhùn, ẹ kò sì lè fi agbára gba ₦150,000 yẹn padà kìkì nítorí pé iṣẹ́ gbé yín lọ. Ọ̀rọ̀ ìjókòó ni. Onílé tó bá rí i pé ẹ ti mú ẹni tó máa gba yàrá náà wá, tí owó rẹ̀ sì wà nílẹ̀, ọkàn rẹ̀ á rọ̀.

Tí ìdáhùn bá dé, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgírímẹ́ǹtì, kí ẹ kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹni tó mú un wá bá ní kí ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́, “mo ti gbà á” pẹ̀lú déètì ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ “mo fara mọ́ ọn,” nítorí ìyẹn lè di àdéhùn tuntun.

Tí onílé bá wà ní Èkó, tí ẹ kì í rí wọn àfi nígbà Ojúde Ọba, ẹ fún ájẹ́ǹtì ní ẹ̀dà méjì, kí ó tọwọ́ bọ ọ̀kan fún yín pẹ̀lú déètì. Ẹ tún ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bàbá lórí WhatsApp. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò fèsì, ẹ tún un fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ mẹ́nu ba déètì ti àkọ́kọ́. Nótíìsì gidi yóò dá dúró lórí ìwé tirẹ̀, ní ọjọ́ tí ẹ bá ti pinnu lóòótọ́.