Ṣé lóòótọ́ ni pé 100 ni 100? Ìdí tí ooru omi fi ń bóni ju omi híhó lọ

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi jàre. Kò sí ìgbà tá a máa se mọ́ínmọ́ín fún ìnáwó tẹ́nì kan ò ní sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ àbúrò ọkọ mi tó ń múra wáẹ́ẹ̀kì ló sọ ọ́. Mo ṣí ọmọrí ìkòkò, ooru rọ́ bò mí lọ́rùn ọwọ́, mo kígbe, mi ò tíì débi omi tútù tó fi ní "Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n ooru lásán ni, omi tó ń hó nísàlẹ̀ yẹn ni ì bá burú, àti pé dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì 100 ni omi, 100 ni ooru, bákan náà ni wọ́n."

Pé ooru ń bóni, mi ò ní jà sí ìyẹn, ẹni tó bá ti tú ewé mọ́ínmọ́ín rí ti mọ̀. Èyí tó ń bí mi nínú ni "100 ni 100" yẹn, torí ó jọ òótọ́. Tẹmómítà gan-an á gbè é lẹ́yìn: bẹ́ ẹ bá kì í bọ omi tó ń hó, nǹkan bí 100 ló máa kà, bẹ́ ẹ bá gbé e sínú ooru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lórí omi yẹn, 100 náà ni. Àwọn tó máa ń sọ pé ooru le torí pé ó gbóná ju omi lọ, àwọn náà ò gbà á, ó kéré tán fún ìkòkò tá a kàn fi ọmọrí lásán bò.

Ibi tí àlàyé ti sọnù ni pé tẹmómítà kì í sọ iye iná tí nǹkan gbé dání. Bí nǹkan ṣe gbóná tó ló ń sọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti dán èyí wò nílé nítorí àríyànjiyàn yìí náà. Mo wọn omi lítà 1 sínú ìkòkò, mo gbé e ka gáàsì, mo sì wo aago. Ìṣẹ́jú 8 ló fi hó. Mi ò yí iná yẹn sókè, mi ò yí i sílẹ̀, mo ní kí n wo ìgbà tí omi náà máa gbẹ. Ó lé ní wákàtí 1 kó tó gbẹ. Ẹ wò ó dáadáa: ìṣẹ́jú 8 péré ló fi kúrò lórí omi ẹ̀rọ lásán dé 100, lẹ́yìn náà iná ń jó lábẹ́ rẹ̀ fún odindi wákàtí, tẹmómítà ò sì kúrò lójú 100. Gáàsì mi ń tán, mo sì mọ iye tí mo rà á. Níbo wá ni gbogbo iná yẹn gbà?

Inú ooru ló wọ̀. Omi ò lè di ooru lọ́fẹ̀ẹ́, torí àwọn ẹ̀yà omi tín-tìn-tín dì mọ́ra wọn, iná ló sì máa já wọn kúrò lára ara wọn kí wọ́n tó lè fò lọ. Iná tó ṣiṣẹ́ yẹn ò mú kí nǹkan kan gbóná sí i, ìdí nìyẹn tí tẹmómítà ò fi rí i. Joseph Black, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Glasgow, ló ṣàlàyé èyí ní nǹkan bí ọdún 1762, òun náà sì ṣe é bí èmi ṣe ṣe é, ó gbé omi kaná, ó ń ka aago. Lẹ́tẹ́ǹtì híìtì ni wọ́n ń pè é, ìgbóná tó fara pamọ́.

Èmi máa ń pè é ní àjọ. Gbogbo wákàtí tí iná fi ń jó, ooru ń dá àjọ. Ọjọ́ tó bá padà di omi ló máa kó o, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì ń kó gbogbo rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ọrùn ọwọ́ yín ló ti padà di omi ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún gráàmù 1. Gráàmù 1 omi híhó tó kán sí wa lára, kó tó tutù láti 100 dé 37 tí ara wa wà, nǹkan bí júùlù 260 ló máa já lé wa lórí, júùlù ni wọ́n fi ń wọn iye iná. Gráàmù 1 ooru máa kọ́kọ́ já nǹkan bí 2,260 sílẹ̀ bó ṣe ń di omi, ẹ sì rántí pé omi 100 ló dì, kò tíì tutù rárá, nítorí náà 260 ti àkọ́kọ́ yẹn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 2,500. Ó ju ìlọ́po 9 lọ. Bẹ́ ẹ bá sì fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ooru míì á tún di omi lórí ti àkọ́kọ́, torí ibi tó bá tutù ló máa ń sá lọ. Ẹ fi wé ọ́fìn tó wà ní 180: a ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ká fi yọ búrẹ́dì, tí ọwọ́ ò bá ti kan irin, kò sí ewu ní ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ò dá àjọ kankan. "180 ni 180" ńkọ́ o?

Ẹ̀wẹ̀, funfun tẹ́ ẹ ń rí lókè ìkòkò yẹn kì í ṣe ooru gan-an mọ́. Omi wínníwínní ni, ó ti kó àjọ rẹ̀, ó ti dà á sínú afẹ́fẹ́. Ẹ wo ẹnu kẹ́tù tó ń hó, àlàfo kékeré kan wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti ibi tí funfun ti bẹ̀rẹ̀, ó mọ́ gaara bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ooru wà, ibẹ̀ sì lọmọdé máa ń na ìka sí.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ọmọ yẹn ò kúkú jẹ̀bi tán. Gráàmù sí gráàmù ni mo fi ṣírò, ooru sì fúyẹ́ gan-an: lítà 1 rẹ̀ ò ju nǹkan bíi gráàmù 0.6 lọ, kọ́ọ̀pù omi 1 sì lè tó gráàmù 200. Bí kọ́ọ̀pù omi híhó bá dà sí èèyàn nítan, tí aṣọ mu ún tó lẹ̀ mọ́ ara, iná tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti ooru tó kàn fẹ́ lu ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí tí mo bá rí i tí wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ọmọ tó ní kátá sórí abọ́ omi gbígbóná kó máa fa ooru: abọ́ tó lè dojú dé lé ọmọ lẹ́sẹ̀ ló ń já mi láyà jù. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ooru ń burú ju omi, ó dá lórí iye tó dé ara.

Pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tì yàtọ̀ o, ìyẹn lè gbóná dé nǹkan bí 120, tòun tàjọ rẹ̀. Ẹ má fi agídí ṣí i kí atẹ́gùn inú rẹ̀ tó tán. Ìkòkò lásán náà, ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọrí níhà ọ̀dọ̀ òdìkejì, kó dà bíi pé ẹ fi ṣe asà. Bó bá ti bóni, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ni, fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò, tí rédíétọ̀ bá gbóná lójú ọ̀nà, ẹ má dá mẹkáníìkì tó ń fi àkísà ṣí ìdérí rẹ̀ lóhùn, ẹ jẹ́ kó tutù débi tẹ́ ẹ lè fọwọ́ lásán di rọ́bà òkè rẹ̀ mú.