Fóònù kò gbọ́ orin tó ń kọ

"Ẹ̀gbọ́n mi, fóònù yìí ti dàgbà, kò gbọ́ orin dáadáa mọ́." Ohun tí àbúrò mi sọ nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ orin ojú fóònù rẹ̀ ti bọ́ sí ìlà mìíràn, tí olórin kò tíì kúrò lórí ìlà àkọ́kọ́. Orin jùjú àtijọ́ ni, odindi ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù, nǹkan bí ìṣẹ́jú 18. Ó ti pa dátà, ó ti tún un tàn, ó ti pa fóònù gan-an, pàbó ló já sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe rò ó: pé fóònù ń fetí sí olórin, ohun tó bá gbọ́ ló ń kọ sójú rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá wá ń pẹ́ tàbí ń sáré, ẹ̀bi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Fóònù kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnìkan ló ti jókòó ti orin náà tẹ́lẹ̀ (nígbà mìíràn, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é), tó kọ àkókò tí ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Fáìlì tó tibẹ̀ jáde kò ju báyìí lọ:

```
[00:40.00]Ẹ̀yin ará ilé, mo dé
[00:46.50]Ẹ bọ́ síta ká jọ jó
```

Áàpù kàn ń wo aago orin ni. Tó bá pé ìṣẹ́jú-àáyá 40, ó gbé ìlà àkọ́kọ́ jáde, ìbáà jẹ́ onílù ló ń lù lọ́wọ́. Tí fáìlì yìí bá ti wọ inú fóònù, ọ̀ràn rẹ̀ kò kan nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mọ́. Kódà tí orin bá dúró torí pé dátà ń fà, aago náà á dúró dè é.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: ṣé orin tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni wọ́n fi wọn àkókò náà? Ibi méjì ni mo máa ń wò kí n tó dáhùn, ìlà kan níbẹ̀rẹ̀ àti ìlà kan nítòsí ìparí. Nínú orin àbúrò mi, ìlà [00:40.00] bọ́ sẹ́nu olórin ní 40.4. Ojú kò lè rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlà [15:00.00] kò bọ́ sẹ́nu rẹ̀ àfi ìgbà tó di 15:09. Àlàfo tó ń fẹ̀ sí i báyìí, ọ̀rọ̀ bí orin ṣe ń yára sí ni. Ẹni tó da rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ rẹ̀ rọra ń yí ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá bẹ́líìtì rẹ̀ ti rọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi oògùn lò. Wọ́n á kọ `[offset:-9000]` sókè fáìlì, kí gbogbo ìlà fi ìṣẹ́jú-àáyá 9 pẹ́ sí i. Ìparí á tò, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ á wá máa tọ olórin lẹ́yìn. Oògùn yẹn wà fún àlàfo tí kì í yí padà, irú èyí tí fídíò máa ń fà tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣáájú orin. Àmì ìyọkúrò ló ń dá ọ̀rọ̀ dúró, àmì ìròpọ̀ ló ń mú un yá. Àwọn áàpù kan ò tiẹ̀ kà á rárá, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán an wò.

Bulútúùtù ni mo lè fún àwọn tó ń bú fóònù láre díẹ̀ lé lórí. Ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé etí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì ṣáájú díẹ̀, bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ki íápíìsì oníwáyà bọ̀ ọ́: tí wọ́n bá ṣe déédéé, ẹ ti mú olè.

Èyí tí kò yọjú rárá ńkọ́? Orúkọ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Nínú ọ̀pọ̀ áàpù, tí orin bá ń jẹ́ `ijo.mp3`, `ijo.lrc` ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jẹ́, kí àwọn méjèèjì sì wà nínú fódà kan náà. Fóònù tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ di `ijo.lrc.txt` láìjẹ́ kí a mọ̀. Tó bá wá yọjú, àmọ́ tí àmì ìbéèrè jókòó síbi tó yẹ kí ẹ àti ọ wà, ẹ tún fáìlì náà fi pamọ́ ní `UTF-8`.

Ti àbúrò mi, ìsọdipúpọ̀ ló gbà. 15:09 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 909. Ẹ fi 900 pín in, ó di 1.01. Ìlà [05:00.00], tí í ṣe 300, di 303, ìyẹn [05:03.00]. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbogbo ìlà lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Ṣé ẹ ti fọ fóònù mi ni?"