Ike Òrí Kan Ṣoṣo Nínú Àwòrán Mẹ́fà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ya Sítórìbọ́ọ̀dù Ìpolówó Kúkúrú

Nínú fídíò ìpolówó tí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ, òǹwòran kì í ráyè bi ara rẹ̀ pé ṣé ike tó wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà ló wà lọ́wọ́ obìnrin yìí. Tí ìdérí ike bá funfun níbẹ̀rẹ̀ tó wá di pupa lẹ́yìn náà, ohun tó máa rò ni pé ọjà méjì ni wọ́n ń tà. Orí ìwé ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti rọrùn jù láti tún ṣe, kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ ya sítórìbọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn àwòrán tó tẹ̀ lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún ibì kan nínú fídíò náà. Fúrémù ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò dìgbà tí èèyàn bá mọ àwòrán yà dáadáa kó tó lè ṣe é. Bí ọwọ́ tó yà bá ṣáà ti jọ ọwọ́, ó tó. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí ọwọ́ inú fúrémù kẹta jẹ́ ọwọ́ ẹni tó jókòó nínú fúrémù kejì.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpolówó òrí tí wọ́n fẹ́ gbé jáde nígbà ọyẹ́, tí àwọn èèyàn máa wò lórí fóònù. Fúrémù mẹ́fà ló gbé e. Èkíní fi gìgísẹ̀ tó ti sán hàn nítòsí, fún ìṣẹ́jú-àáyá 2. Nínú èkejì, a rí obìnrin tó ni ẹsẹ̀ náà lórí àga, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn náà gba 2. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ rẹ̀ tó nà mú ike òrí lórí tábìlì, 2.5. Nínú ẹ̀kẹrin, ike ti ṣí, ìka méjì ń bu òrí, 3. Ẹ̀karùn-ún ni ó ń fi òrí pa gìgísẹ̀ náà, 3. Ẹ̀kẹfà ni ike nìkan lórí tábìlì, pẹ̀lú orúkọ ọjà àti nọ́ńbà tí wọ́n á pè, 2.5. Tí a bá rò ó pọ̀, 15 géérégé ni.

Ìwé A4 tí wọ́n gé sí méjì ló dára fún fúrémù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fa àpótí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9, tó ga tó 16, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni fídíò tó dúró lóòró lórí fóònù ṣe rí, 9 sí 16. Ààyè tó kù nísàlẹ̀ wà fún ọ̀rọ̀ kíkọ. Kí fúrémù kọ̀ọ̀kan wà lórí ìwé tirẹ̀ sàn ju kí gbogbo wọn wà lójú kan lọ, torí èyí tí kò dára á ṣeé yọ sọ́tọ̀ láìba ìyókù jẹ́, wọ́n sì lè gbé ẹ̀kẹrin ṣíwájú ẹ̀kẹta láti wò bóyá ìtàn náà á dùn jù bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ wọn kì í tíì ya fúrémù kankan nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń yà ni ìwé àwòkọ. Ìwé kan ni, tí ohun gbogbo tó máa hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ti wà níbẹ̀ ní pípé. Wọ́n á ya ike náà lẹ́ẹ̀mẹta: bó ṣe rí téèyàn bá dojú kọ ọ́, bó ṣe rí téèyàn bá wò ó láti òkè díẹ̀, àti bó ṣe rí tó bá ṣí. Ká ní ike náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8, tó sì ga tó 6 pẹ̀lú ìdérí. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀ ni ìwọ̀n tó so apá kan mọ́ èkejì: ìdérí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ike, lébẹ́ẹ̀lì sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìdérí gan-an. Yálà ike kéré nínú fúrémù ni o, yálà ó kún ojú fúrémù, ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ojú òǹwòran máa ń mọ ìyàtọ̀ nínú ìwọ̀n yìí ju bó ṣe ń mọ ìyàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, kò sí ìdí láti máa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ lébẹ́ẹ̀lì léraléra; àmì róbótó kan àti ilà ofeefee kan lábẹ́ rẹ̀ ti tó.

Obìnrin náà wà nínú ìwé àwòkọ yìí pẹ̀lú. Aṣọ àǹkárá olódòdó wẹẹrẹ kì í ṣe aṣọ tó yẹ kí wọ́n wọ̀ fún un níbí, àfi tẹ́ni tó ń yàwòrán bá fẹ́ ya òdòdó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bùbá aláwọ̀ búlúù kan, irun dídì, àti ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n mú. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí nínú fúrémù kẹta àti ẹ̀kẹrin, ọwọ́ nìkan là ń rí, òun ló sì ń sọ fún wa pé ọwọ́ obìnrin yẹn náà ni.

Ìwé àwòkọ yìí ni wọ́n á máa wò ya gbogbo fúrémù. Èyí tó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ni pé wọ́n á wo fúrémù kẹta ya ẹ̀kẹrin, wọ́n á wo ẹ̀kẹrin ya ẹ̀kẹfà. Ike á ga díẹ̀ sí i nínú ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin á jogún gíga yẹn, á tún fi tirẹ̀ kún un, nígbà tó bá fi máa di ẹ̀kẹfà, ike ti di kóńgò. Ẹni tó ń yà á kò ní mọ̀, torí fúrémù méjì tó tẹ̀ lé ara wọn jọ ara wọn dáadáa. Kó tó lè rí i, ó di dandan kó gbé ẹ̀kẹfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kẹta. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dá a lójú lè lẹ ìwé àwòkọ mọ́ gíláàsì fèrèsé lójú ọ̀sán, kó gbé ìwé funfun lé e, kó sì tẹ̀ lé ilà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ya fúrémù kìíní àti ẹ̀karùn-ún nìyẹn: gìgísẹ̀ kan náà ni, láti ibi kan náà, nítorí náà wọ́n máa ń fà á jáde lára àwòrán kan ṣoṣo.

Ohun kejì tó ń mú fúrémù bára mu ni ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Lẹ́yìn ìwé àwòkọ, wọ́n máa ń ya ilẹ̀ yàrá bí ẹni tó wà lórí àjà ṣe máa rí i: fèrèsé lápá òsì, àga obìnrin láàárín, tábìlì àti ike lápá ọ̀tún. Wọ́n á wá fa ilà kan láti ojú obìnrin náà dé ibi tí ike wà. Gbogbo kámẹ́rà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ilà yẹn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, obìnrin náà á máa kọjú sí ọ̀tún nígbà gbogbo, ọwọ́ rẹ̀ á máa ti òsì wá, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa kọjú sí ọ̀tún, òjìji ike á sì máa ṣubú sí ọ̀tún nítorí fèrèsé. Tí kámẹ́rà kan bá fo ilà yẹn kọjá, ọwọ́ á ti ọ̀tún wọlé, òǹwòran á sì rò pé ẹlòmíì ló wá gba òrí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó bá kọjú sí ọ̀tún báyìí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló sún mọ́ wa. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí tí ó bá jẹ́ pé òsì ló nà mú ọjà, àgbàlagbà tó ń wò ó á ti bínú kó tó gbọ́ orúkọ òrí. Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣìnà ni fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà láti fi ṣe àwòkọ. Kámẹ́rà iwájú àwọn fóònù kan máa ń yí àwòrán padà bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí, ọ̀tún á di òsì. Tí ọ̀rọ̀ ara lébẹ́ẹ̀lì bá yí padà bíi tinú dígí nínú fọ́tò náà, kí wọ́n jù ú nù, kí wọ́n fi kámẹ́rà ẹ̀yìn ya òmíràn.

Ipò tí ọjà wà náà kò ṣeé fojú fò. Òrí kì í padà kún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bù ú. Nísàlẹ̀ fúrémù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ìdérí àti òrí sílẹ̀: nínú ẹ̀kẹta, ìdérí wà lórí rẹ̀, nínú ẹ̀kẹrin, ìdérí ti kúrò, òrí kún, ojú rẹ̀ tẹ́jú kí ìka tó kàn án, nínú ẹ̀kẹfà, wọ́n ti dé e padà. Gìgísẹ̀ náà ní ipò tirẹ̀. Ó máa ń wu oníṣòwò pé kí ẹsẹ̀ inú fúrémù karùn-ún ti máa dán bí ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọjá láàárín rẹ̀ àti ìkíní kò pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹsẹ̀ tó sán ṣì gbọ́dọ̀ sán, ó kàn ń dán nítorí òrí ni. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀tàn ni, òfin ọdún 2022 tó gbé ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó, kalẹ̀ ní Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ìlérí tí ọjà kò lè mú ṣẹ sì rọrùn láti rí nínú sítórìbọ́ọ̀dù.

Nípa ojú fóònù, ọ̀rọ̀ àkọlé máa ń bo ìsàlẹ̀ fídíò, àwọn bọ́tìnnì sì máa ń bo etí ọ̀tún. Ike tiwa sì wà lápá ọ̀tún. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi pẹ́ńsù kun ìdá kan nínú márùn-ún ìsàlẹ̀ àti etí ọ̀tún àpótí kọ̀ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sì ti ike sápá àárín díẹ̀ kó má baà wọbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù inú fúrémù kẹfà gbọ́dọ̀ wà lókè ike, kì í ṣe nísàlẹ̀.

Tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá pé, wọ́n á ya fọ́tò wọn, wọ́n á tò ó sínú áàpù tí wọ́n fi ń gé fídíò, ọ̀kọ̀ọ̀kan á dúró fún iye ìṣẹ́jú-àáyá tirẹ̀, ẹnì kan á sì máa ka ọ̀rọ̀ ìpolówó náà sókè. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣì kù nígbà tí fúrémù kẹfà parí, ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n gé, kì í ṣe pé kí ẹni tó ń kà á máa sáré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi han ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, láìsí ohùn, wọ́n á bi í ní ìbéèrè méjì: èèyàn mélòó lo rí, ike mélòó lo rí? Tó bá ní obìnrin méjì, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ ti sọnù nínú fúrémù kan. Tó bá ní ike méjì, kí wọ́n gbé rúlà wá kí wọ́n wọn ìdérí.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ fúrémù yìí náà ló máa sọ èyí tí wọ́n á kọ́kọ́ yà lọ́jọ́ iṣẹ́, torí wọn kì í ya fídíò tẹ̀ lé nọ́ńbà. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹfà ló máa ṣáájú, nígbà tí ike ṣì mọ́ tónítóní, tí kò sí àmì ìka olóròóró lára lébẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀kẹrin ló nílò ike mélòó kan ní ìpamọ́, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un yà ni wọ́n nílò òrí tí ẹnikẹ́ni kò tíì bù. Kí àwọn ike yẹn sì wà níbi tó tutù títí yóò fi kàn wọ́n: ooru tó máa ń yọ́ òrí kò jìnnà sí ooru ara èèyàn, iná tí wọ́n fi ń ya fídíò sì lè mú un rọ̀ kí olùdarí tó sọ pé ó yá.