Pẹ́ńsù Lórí Gíláàsì: Ibi Tí Mímú Ìlà Iwájú Orí Rọ̀ Nínú Fọ́tò Ti Ṣẹ̀ Wá

Láàárín ọdún 1850 sí 1880, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lọ ya fọ́tò ló ń bínú pé fọ́tò náà sọ àwọn di arúgbó. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Gíláàsì tí wọ́n fi ń ya àwòrán nígbà náà, èyí tí Frederick Scott Archer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde rẹ̀ lọ́dún 1851, àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ àlùkò nìkan ló ń rí dáadáa. Àwọ̀ pupa àti ìyeyè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òkùnkùn lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, pupa àti ìyeyè ló pọ̀ jù nínú awọ ènìyàn, yálà ẹni náà dúdú tàbí ó pọ́n. Níbi tí awọ ti ká jọ, ibẹ̀ a tún máa pupa ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú ènìyàn kò kà sí ní gbangba a wá dúdú kirikiri lórí ìwé.

Ìmọ́lẹ̀ náà dá kún un. Iná mànàmáná kò tíì wọ́pọ̀ nílé fọ́tò, òrùn tó ń gba òrùlé gíláàsì wọlé ni wọ́n sábà máa ń lò. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè wá máa ń fi òjìji sínú gbogbo ìlà tó bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ, bí ìlà iwájú orí ṣe máa ń dùbúlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ mímú ìlà rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà tó tọ́. Wọ́n ń dá ohun tí gíláàsì fi kún ojú ènìyàn padà ni, wọn ò tíì máa yọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Ṣáájú ìgbà yẹn, kò sí ohun púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Fọ́tò tí Daguerre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi han ayé lọ́dún 1839, orí páànù tí wọ́n fi fàdákà bò ló máa ń wà, ó sì máa ń bàjẹ́ bí ìka bá kàn án. Wọ́n lè fi ìyẹ̀fun aláwọ̀ díẹ̀ kun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nẹ́gẹ́tífù, ìyẹn gíláàsì tí àwòrán kọ́kọ́ máa ń hàn lé lórí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ló ṣí ọ̀nà, nítorí pé ó dúró láàárín kámẹ́rà àti àwòrán tí ènìyàn máa gbé lọ sílé, ènìyàn sì lè fọwọ́ kàn án láàárín méjèèjì.

Ẹni tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó mú iṣẹ́ yìí wá sí gbangba ni Franz Hanfstaengl, ayàwòrán ará Múníìkì ní ilẹ̀ Jẹ́mánì. Iṣẹ́ títẹ àwòrán láti ara òkúta ló ti ń ṣe kó tó di ayàwòrán, fífa ìlà kéékèèké sì ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Níbi Àfihàn Ńlá tó wáyé ní Párísì lọ́dún 1855, ìtàn sọ pé ó gbé àwòrán ẹnì kan náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ara nẹ́gẹ́tífù kan ṣoṣo: ọ̀kan kó tó tún nẹ́gẹ́tífù náà ṣe, èkejì lẹ́yìn tó tún un ṣe. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, títún nẹ́gẹ́tífù ṣe ti di iṣẹ́ tí àwọn kan ń jẹun nínú rẹ̀, tí ilé fọ́tò ńlá ń gba ènìyàn sí fún òun nìkan.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ohun tó dúdú lórí ìwé máa ń mọ́ gaara lórí nẹ́gẹ́tífù, ohun tó funfun lórí ìwé a sì dúdú níbẹ̀. Ìlà iwájú orí, tó jẹ́ òjìji, yóò hàn lórí gíláàsì bí ojú ọ̀nà tóóró tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ènìyàn bá fi pẹ́ńsù kun ojú ọ̀nà náà, ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá síbi ìwé yóò dínkù, ìlà náà yóò sì funfun sí i lórí ìwé. Bí o bá kun ún díẹ̀, ìlà náà á rọ̀ díẹ̀. Bí o bá kun ún títí tó fi bá àyíká rẹ̀ dọ́gba, ìlà náà ti lọ nìyẹn. Gbogbo ohun tó wà láàárín "díẹ̀" àti "títí" wà lọ́wọ́ ẹni tó di pẹ́ńsù mú, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà.

Orí gíláàsì ń yọ̀, pẹ́ńsù kì í dì mọ́ ọn. Wọ́n máa ń po oje igi dámà mọ́ tọ́pẹ́ńtáìnì, wọn a fi aṣọ rírọ̀ tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí ibi tí ojú ènìyàn wà, wọn a sì fà á títí tí yóò fi fẹ́lẹ́ tí yóò sì lẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé nẹ́gẹ́tífù sórí tábìlì tó dà gẹ̀rẹ́, tí gíláàsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ́ gaara wà láàárín rẹ̀, tí dígí ìwojú sì ń ta ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sókè láti ìsàlẹ̀. Pẹ́ńsù líle ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi sáńpépà pọ́n ẹnu rẹ̀ títí yóò fi gùn tí yóò sì mú bí abẹ́rẹ́. Wọn kì í fa ìlà gbọọrọ lé ìlà. Àmì wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa ń kó jọ sínú òjìji náà, lọ́wọ́ fífúyẹ́, títí àmì náà fi parapọ̀ di ìbòjú kan. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé awọ ara kì í tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó ní ihò wẹ́wẹ́ àti òkè wẹ́wẹ́. Bí pẹ́ńsù bá kun ibì kan tó mọ́ lọ́nà kan náà, ibẹ̀ á yàtọ̀ sí awọ tó yí i ká, ojú á sì mọ̀ kó tó mọ ìdí rẹ̀.

Kí a mú ọkùnrin kan tó jókòó sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ òkè, tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí ìlà mẹ́ta dùbúlẹ̀ níwájú orí rẹ̀, tí ìlà méjì sì dúró láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ tẹ àwòrán kan jáde láìtíì fọwọ́ kan nǹkan, nítorí pé nẹ́gẹ́tífù nìkan kò lè sọ fún un bí ìlà náà ṣe jìn tó lórí ìwé. Á yọ àmì àti àbàwọ́n tó jẹ́ ti gíláàsì kúrò. Á wá wọ inú àwọn ìlà. Ibi tó jìn jù nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, tó sábà máa ń jẹ́ àárín, ni á kun jù, á sì fi ìdí àti orí rẹ̀ sílẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ìlà náà lè máa gba ibi tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Etí ìmọ́lẹ̀ tó máa ń wà lábẹ́ ìlà, níbi tí awọ ti yọ jáde, òun náà ní láti rọ̀. Etí yìí dúdú lórí nẹ́gẹ́tífù, pẹ́ńsù kò sì lè mú ohun tó dúdú mọ́. Ọ̀bẹ wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń ha díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bí o bá mú òjìji rọ̀ tí o sì gbàgbé etí rẹ̀, ìlà funfun kan á dúró níwájú orí ọkùnrin náà bí àpá.

Àṣejù wọ iṣẹ́ náà kíákíá. Àwọn oníbàárà rí i pé ìlà lè rọ̀, wọ́n wá ń béèrè pé kó lọ pátápátá. Iwájú orí àgbà ń dán bí eyín erin, ọrùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ká jọ. Lọ́dún 1873, Hermann Wilhelm Vogel ní Bẹ́líìnì rí i pé bí a bá po àwọ̀ kan mọ́ ohun tí a fi bo gíláàsì, gíláàsì náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọ̀ ewé àti ìyeyè. Nígbà tó di ọdún 1906, ilé iṣẹ́ Wratten & Wainwright ti ń ta gíláàsì tó ń rí pupa pẹ̀lú. Ìdí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń tún ojú ṣe ti ń lọ, ṣùgbọ́n àṣà náà kò lọ. Àwọn kan ti kọ̀ ọ́ ṣáájú: Julia Margaret Cameron, obìnrin ayafọ́tò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya Sir John Herschel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, lọ́dún 1867 tòun ti gbogbo ìlà ojú rẹ̀. Mo ka àwòrán yẹn sí ẹ̀rí tó lágbára jù pé ìlà lè jẹ́ ìdajì ohun tí a fi ń mọ ènìyàn.

Ìdí tí a fi ń fi ìlà ojú mọ ènìyàn wà nínú ẹran ara. Ẹran pẹlẹbẹ kan wà níwájú orí tó máa ń fa irun òkè ojú sókè, ìgbà tó bá ṣiṣẹ́ ni awọ máa ń ká sí ìlà tó dùbúlẹ̀. Ẹran kékeré mìíràn ló ń fa irun òkè ojú méjèèjì pọ̀, òun ló ń mú ìlà tó dúró wá. Bí àwòrán bá mú ènìyàn níbi tó ti gbé irun òkè ojú sókè, tí o sì pa ìlà iwájú orí rẹ́, ojú rẹ̀ ń sọ pé ẹnu yà á, iwájú orí rẹ̀ kò sì gbọ́ sí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò sọ pé kò jọ ọ́, bí imú àti ẹnu tilẹ̀ pé. Ìlà tó wà síbẹ̀ nígbà tí ojú kò ṣe nǹkan kan ni ti ọjọ́ orí. Méjèèjì lè rọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá irun òkè ojú lọ kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí a ti lè rí i.

Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ "díẹ̀" nù. Nínú Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, tó jáde lọ́dún 1990, irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà ló wà: ó ń gbé awọ láti ibì kan lọ lẹ̀ mọ́ ibòmíràn, òjìji àti ihò awọ pọ̀. Bí ibi tí a ti mú un bá mọ́ ju ibi tí a gbé e lọ, àbùlẹ̀ ló máa dà. Ní 1994, `Layer` dé, ènìyàn sì lè ṣe àtúnṣe sórí ìpele tó dá dúró láìfọwọ́ kan àwòrán gan-an. Lọ́dún 2002, `Healing Brush` wọlé. Ó ń mú ihò awọ láti ibi tí o yàn, ó sì ń bá àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ibi tí o ń kùn mu. Láti inú méjèèjì ni a ti tún ọwọ́ fífúyẹ́ ti pẹ́ńsù rí.

Bí obìnrin kan bá ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti apá òsì, ṣí `Layer` tuntun, kí o yan `Healing Brush`, kí o sì yí `Sample` sí `Current & Below`. Jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ ju ìlà lọ díẹ̀. Awọ tó sún mọ́ ìlà náà, ní apá kan náà ti ìmọ́lẹ̀, ni kí o mú, nítorí pé ihò awọ àárín iwájú orí kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹ̀bá irun. Fi ìpele kan sọ́tọ̀ fún ìlà tó dùbúlẹ̀, kí o fi òmíràn sọ́tọ̀ fún èyí tó dúró. Kun àwọn ìlà náà tán pátápátá, má ṣe bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà, fa `Opacity` ìpele kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ìpele náà ṣe ń hàn tó, wálẹ̀ sí odo, kí o wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ní tèmi, ìlà tó dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀rín kì í sábà fẹ́ ju 40% lọ, èyí tó dúró láàárín ojú sì lè dé 60%, nítorí pé ó máa ń fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ní ojú ìbínú tí kò ní. Sún àwòrán sẹ́yìn títí ojú náà fi kéré bí èékánná àtàǹpàkò, kí o pa ìpele méjèèjì, kí o tún tan wọ́n. Bí iwájú orí bá mọ́lẹ̀ ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn lọ nígbà tí o tan wọ́n, fa `Opacity` wálẹ̀ sí i.