Àkáǹtì tí ẹ ní kí wọ́n pa rẹ́, kí ló tún jí i dìde?

Bí ẹ bá ní kí wọ́n pa àkáǹtì yín rẹ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e kúrò lójú ayé, wọ́n á sì fún yín ní ọjọ́ ìdúró, bóyá ẹ máa yí ọkàn padà. Ọgbọ̀n (30) ọjọ́ ni lórí Facebook àti X. Discord ń fúnni ní 14. Microsoft á ní kí ẹ fúnra yín mú èyí tó wù yín nínú 30 àti 60. Ètò yìí dára lójú mi, torí pé ẹlòmíràn lè jí àkáǹtì gbà kó sì fẹ́ pa á rẹ́, ènìyàn sì lè fi ìbínú ṣe é lóru kó wá kábàámọ̀ nígbà tílẹ̀ bá mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ ti yí ọkàn padà. Wọn ò ní kí ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Wíwọlé gan-an ni àmì tí wọ́n ń wò. Ní gbogbo ọjọ́ ìdúró yẹn, àkáǹtì ṣì wà lódindi nínú kọ̀ǹpútà wọn. Wọ́n kàn sàmì sí i pé ó ń dúró de píparẹ́ ni, pẹ̀lú ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ máa pé. Bí orúkọ àti pásíwọ̀dù tó tọ̀nà bá wọlé kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á gbà pé ẹni tó ni ín ti padà dé.

Àwọn kan máa ń béèrè kí wọ́n tó jí i dìde. Facebook á gbé bọ́tìnnì tí wọ́n kọ “Cancel Deletion” sí síwájú yín, X náà á sì bi yín bóyá lóòótọ́ lẹ fẹ́ padà. Àmọ́ ọwọ́ tó ti mọ́ fóònù lára kì í dúró kàwé, ó ti tẹ̀ ẹ́ kójú tó rí i. Áàpù mìíràn sì tún wà tí kò nílò ọwọ́ yín rárá. X fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé bí ẹ bá ti fún áàpù kan láṣẹ láti máa lo àkáǹtì yín, irú èyí tó ń bá yín fi ọ̀rọ̀ síta, ó lè wọlé fúnra rẹ̀ kó sì jí àkáǹtì náà dìde láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ní kí wọ́n pa tirẹ̀ rẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Ọjọ́ 31 ni 30 ọjọ́ máa pé. Ní ọjọ́ 20, ó rántí fọ́tò kan tí kò tíì gbà sílẹ̀, ó wọlé lọ mú un, ó sì jáde. Lọ́kàn rẹ̀, ọjọ́ 11 péré ló kù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wíwọlé yẹn ti fagi lé ohun tó béèrè. Bó bá tiẹ̀ tún un béèrè lọ́jọ́ náà gan-an, òǹkà máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni, ó di ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin. Bí kò bá sì tún un béèrè, àkáǹtì náà á máa wà lọ bẹ́ẹ̀.

Torí náà, kí ẹ tó béèrè ni kí ẹ ti gba fọ́tò àti ìwé yín sílẹ̀. Ẹ gba àṣẹ padà lọ́wọ́ gbogbo áàpù tó so mọ́ àkáǹtì náà, ẹ jáde lórí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà, títí kan fóònù àtijọ́ tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré, kí ẹ sì yọ pásíwọ̀dù tí bùráúsà ti fi pamọ́. Bó bá jẹ́ Facebook lẹ fi ń wọ ibòmíràn, ẹ lọ wá ọ̀nà mìíràn tẹ́ ẹ ó máa gbà wọ ibẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ áàpù Facebook kúrò lórí fóònù.

Ẹ má ṣe wọlé láti lọ wò ó bóyá ó ti parẹ́. Ẹ ní kí ẹlòmíràn wá orúkọ yín, tàbí kí ẹ ṣí ojúewé yín nínú bùráúsà tí ẹ ò tíì wọlé sí. Bí fọ́tò àti ọ̀rọ̀ yín bá yọ, ó ti jí nìyẹn. Ẹ máa yẹ ímeèlì wò pẹ̀lú, torí ilé-iṣẹ́ míì máa ń kí yín káàbọ̀ níbẹ̀.

Lórí Facebook, bí 30 ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ ò lè gba àkáǹtì náà padà mọ́, ṣùgbọ́n ó lè tó 90 ọjọ́ látìgbà tí píparẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pa gbogbo ohun tí ẹ fi síbẹ̀ rẹ́ tán.